Èébú Tí Mo Fò Nínú Fọ́tò Ìwé Ìròyìn Àtijọ́

Kí rélùwéè tó dé Lálúpọn, ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ tó fẹ́ kí wọ́n bá òun kà, ó di dandan kó fẹsẹ̀ rìn wọ Ìbàdàn. Èmi ni mo gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ìrìn yẹn. Mo gbé tábìlì kan àti àga méjì sí abẹ́ igi ọdán tó wà nítòsí tẹ́ṣàn, mo rọ tàdáwà sínú ìgò, mo fi gègé há etí, mo jókòó. Kò pẹ́ rárá tó fi jẹ́ pé láti Ìyànà Ọ̀fà títí dé Èrúnmu, bí ènìyàn bá ti sọ pé "akọ̀wé," èmi ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn tó kàwé jù mí lọ wà, mi ò bá wọn jiyàn. Ìwé kejì ni mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìbàdàn nígbà tí bàbá mi wá fà mí lọ́wọ́ jáde pé iṣu tó wà lóko kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé kejì. Ọkùnrin kan ló kọ́ mi ní ìyókù, òyìnbó tó ń wọn ilẹ̀, tí mo ń ru ẹrù rẹ̀ kiri inú igbó. Bí a bá ti pàgọ́, á ní kí n ka àpótí, kí n ka agolo, kí n ka ohunkóhun tí lẹ́tà bá wà lára rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ èdè òyìnbó nìyẹn, láti ara agolo. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n dé gbòǹgbò. Ẹ wo àwọn tó ka ìwé kẹfà, tí wọn ò lè kọ lẹ́tà kan kí ìyá ẹni tó gbà á sunkún. Èmi ń ṣe é.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ mi tí mo fi ju àwọn akọ̀wé yòókù lọ. Mi ò kì í ka èébú fún àgbà. Bí ọmọ kan bá wà ní Èkó tó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ pé ojú kòkòrò bàbá náà ti pọ̀ jù, ohun tí bàbá máa gbọ́ lẹ́nu mi ni pé ọmọ kí wọn, ó sì ní kí wọ́n fi sùúrù ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé rere, bí ó bá dé ibi ọ̀rọ̀ burúkú, á fò ó bí ẹni fo omi ìdọ̀tí, á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbààgbà fi fẹ́ràn mi. Ilé mélòó ni mo ti fi ahọ́n mi tún ṣe ní agbègbè yẹn tí wọn ò mọ̀!

Ìyá kan wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí tẹ́ṣàn, wọ́n ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ilé bàbá wọn, tó jẹ́ ahunṣọ nígbà ayé rẹ̀, ni wọ́n padà sí lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Ìbejì ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jáde, arákùnrin wọn tẹ̀lé wọn. Mi ò ní láti dárúkọ, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ni orúkọ àwọn méjèèjì. Arákùnrin yìí ni ogun gbé lọ ní kékeré. Ó tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sóko, àwọn ajínigbé tó lúgọ sójú ọ̀nà sì kó gbogbo wọn. Àwọn yòókù, wọ́n gbúròó wọn nígbẹ̀yìn: ẹni tó kú, wọ́n gbọ́ ikú rẹ̀, ẹni tí wọ́n rà padà, ó padà wálé. Ọmọ yìí nìkan ni kò sí ẹni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú. Wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un ní ẹ̀wà, kí inú rẹ̀ lè dùn, kó má baà máa pe ìkejì rẹ̀. Ìyá wọn kọ̀, kò gbẹ́ ère kankan. Ó ní wọn kì í gbẹ́ ère alààyè. Bí ìyá náà ṣe ń kú lọ, ọ̀rọ̀ yìí ló fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọbìnrin náà sì dì í mú. Wọ́n ní yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń gbá ní òròòwúrọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sùn síbẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹsẹ̀ ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọn ò lè dé odò mọ́, lẹ́yìn náà wọn ò lè dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí gbogbo agboolé ń sọ ni pé ìkejì wọn ló ń fà wọ́n. Baálé ilé náà jẹ́ àbúrò wọn, ọmọ bàbá kan náà. Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó lọ bá agbẹ́gilére kan, ó ní kó wá gbẹ́ ère fún ẹ̀gbọ́n òun. Agbẹ́gilére ti gé ìtì igi wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó kù kó bẹ̀rẹ̀. Ìyá ní tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan igi yẹn, òun á wọ́ jáde kúrò nílé náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí fọ́tò dé.

Ẹni tó gbé e wá jẹ́ ìmàle kan tó ń ṣòwò obì lọ sí Èkó. Ó ní yàrá tó ń gbà sùn lọ́hùn-ún, ní ilé obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn. Bàbá náà ti kú, ó fi àpótí kan sílẹ̀ tó kún fún àgékù ìwé ìròyìn láyé ọjọ́un. Ọjọ́ kan ni obìnrin náà ń tú àpótí, ó rí ọ̀kan tó jọ pé orúkọ ìlú tí olóbì máa ń dá wà nínú rẹ̀. Olóbì kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọjọ́ pẹ́ tó ti ń gbọ́ ìtàn ìyá yìí lábúlé. Ó bẹ obìnrin náà kó jẹ́ kí òun gbé e lọ. Obìnrin náà ní rárá, ìwé bàbá òun ni, ó sì ti gbẹ débi pé bí wọ́n bá ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i á di ìyẹ̀fun. Kí wọ́n wá dà á kọ? Ó ní ohun tí òun kò lè kà dáadáa, òun kò ní dà á kọ. Ayafọ́tò kan ń gbé ní ìta kejì. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí pákó, wọ́n fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́, ayafọ́tò sì yà á. Bó ṣe di pé fọ́tò ìwé wọ rélùwéè wá bá mi nìyẹn.

Mo ti rí fọ́tò ọba rí, mo ti rí ti ìyàwó tuntun. Èyí ni fọ́tò ìwé àkọ́kọ́ tí mo fojú rí. Ó lẹ̀ mọ́ páálí líle, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi, gbogbo rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí omi àgbo. Lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀ dà bí ìjàlọ tó ń kọjá. Olóbì sọ fún mi kedere kí n mọ ohun tó wà nílẹ̀: ìyá ti bá baálé ṣe àdéhùn. Bí ìwé yìí bá ń sọ̀rọ̀ nípa arákùnrin wọn, wọn ò ní gbẹ́ ère. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìyá á dákẹ́, kí agbẹ́gilére máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní kó lọ sinmi. Mo ní ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni í.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe é, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é láyìíká ibẹ̀. Mo ní awò kan, èyí tí òyìnbó mi fún mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, olójú kan, tó ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá. Mo gbé fọ́tò sínú oòrùn, mo rí i pé ó ń dán sí mi lójú, mi ò rí nǹkan kan. Mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ títí dídán náà fi kúrò, àwọn lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin tí wọ́n fi tẹ ìwé náà ti ṣiṣẹ́ jù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Etí lẹ́tà ti jẹ, ikùn àwọn kan ti dí fún tàdáwà. Èyí tó yẹ kó ní ihò nínú kò ní ihò mọ́, èyí tó yẹ kó ga ti kán lórí. Ẹni tó ni ìwé sì ti ká a sí mẹ́rin fún ọdún pípẹ́, ibi tó ká a sí ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kàn.

Ohun tí àwọn ènìyàn ò mọ̀ nípa irú iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe lẹ́tà lèèyàn ń kà, ọ̀rọ̀ ni. Tí mo bá rí lẹ́tà kan tó fọ́, mo wá arákùnrin rẹ̀ tó ṣì pé níbòmíràn nínú ìwé kan náà, mo fi wọ́n wé ara wọn. Bí mo bá ti mọ ojú irin yẹn, mo mọ ọ́n nígbàkúgbà tó bá tún yọjú. Mo ń kọ èyí tó dá mi lójú sórí síléètì. Ibi tí kò bá dá mi lójú, mo fa ìlà síbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Àwọn akọ̀wé tó ń di ihò ìwé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orí ara wọn wà, mo mọ̀ wọ́n. Ihò tí mo bá bá nílẹ̀, ihò ni mò ń gbé fún oníwèé.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ nígbà yẹn tún yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n fi lẹ́tà méjì kún Ìbàdàn. Orúkọ ìlú kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ lé mi dìde lórí àga, wọ́n kọ ọ́ ní Lallupong. Mo wò ó títí. Nígbà tó yá mo pa ojú dé, mo pè é jáde lẹ́nu bí ẹni pé òyìnbó tí ọ̀fun ń dùn ló ń pè é. Obìnrin tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Akọ̀wé, kí ni Lálúpọn ṣe fún ọ tí o fi ń pè é bẹ́ẹ̀?" Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Etí ló kà á, kì í ṣe ojú.

Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ ni mo fi wà nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ agbádá mi, èmi àti olóbì gba abúlé lọ.

Wọ́n ti péjọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìyá jókòó sórí ẹní, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, baálé wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Agbẹ́gilére pàápàá wà níbẹ̀, ó ń fi ewé pa àáké rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Mo dìde dúró, mo sì ka ìtumọ̀ mi fún wọn ní Yorùbá. Mo ní ìwé náà sọ pé ọmọkùnrin kan tí á tó ọmọ ọdún méjìlá wá sí ọgbà ìjọ, ó sá kúrò lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Wọ́n ti rì í bọmi, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ òyìnbó kan báyìí. Ó sọ pé apá Lálúpọn ni oko tí wọ́n ti jí òun gbé, ní ilẹ̀ Ìbàdàn, pé bàbá òun a máa hun aṣọ. Ìbejì ni, obìnrin ni ìkejì rẹ̀, òun sì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá mọ àwọn ènìyàn rẹ̀, kó fi tó àwọn tó tẹ ìwé létí. Lẹ́yìn ìyẹn ó kù bíi ìlà kan, wọ́n fẹ́ rán ọmọ náà lọ síbì kan, ibi tí wọ́n ká ìwé sí ti jẹ orúkọ ibẹ̀.

Ìyá wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo sọ pé ẹ̀gbọ́n. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n bú sẹ́kún.

Ẹni tí kò mọ àdúgbò yẹn lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló wà nínú ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyí. Ní abúlé tó wà ní òdìkejì odò, ahunṣọ mìíràn wà tó bí ìbejì takọtabo nígbà kan náà, ogun kan náà ló sì gbé ọkùnrin ibẹ̀ lọ. Gbogbo ènìyàn mọ ìtàn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní ilé tọ̀hún, ọkùnrin ló kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde, àbúrò ni, ìránṣẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni àgbà. Ní ilé tiwọn yìí, ọkùnrin ló gbẹ̀yìn. Nítorí náà bí ọmọ inú ìwé bá ní òun ni ẹ̀gbọ́n, tiwọn ni. Baálé sọ fún agbẹ́gilére kó máa lọ. Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n fún mi jẹ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kí mi débi pé agbádá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà mí mọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bí mo ṣe padà dé tẹ́ṣàn ní ìrọ̀lẹ́, mo bá akọ̀wé rélùwéè níbi tó ti ń ti fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ọmọ Sàró, Èkó ni wọ́n ti gbé e wá, ó ka ìwé dé òpin. Akọ̀wé abẹ́ ọdán ló máa ń pè mí, èmi náà a máa pè é ní ọkọ tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó, ó fọwọ́ ra àgbọ̀n.

Ó ní, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní òyìnbó ìjọ kan ni, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

"Lọ́dọ̀ òyìnbó, ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì?"

Mo tún gbé awò sójú, mo wo fọ́tò náà.

"Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni," ó ní. "Ní ilé bàbá mi gan-an, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń pè ní àgbà, wọ́n ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ òyìnbó. Bí òyìnbó yẹn bá bi ọmọ náà pé ta ló kọ́kọ́ jáde, tí ọmọ ní òun ni, ẹ̀gbọ́n ló máa kọ sílẹ̀. A jẹ́ pé ọmọ òdìkejì odò ni o gbé fún wọn, akọ̀wé abẹ́ ọdán."

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí rí, ṣùgbọ́n èyí wọ egungun. Òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ. Ìtumọ̀ mi tọ́, ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ni ẹ̀gbọ́n, ohun tí òyìnbó gbé sínú ẹ̀gbọ́n ni mi ò mọ̀. Ẹlòmíràn á ti gbé e mì, ẹ̀wà ti wà níkùn. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi ihò sílẹ̀ bí ihò kò lè fi irú ihò báyìí sínú ilé àwọn ènìyàn, kó tún fi ẹní bò ó. Mo ní kí ọmọ Sàró bá mi lọ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó dé, ó sì bá mi lọ.

Bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn, ojú baálé rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn, òun á ránṣẹ́ pe agbẹ́gilére padà. Ìyá kò wo ojú rẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ohun tí o kà fún wa lánàá, ṣé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni?"

Mo ní gbogbo ohun tí kò pa rẹ́ ni.

"Gbogbo ohun tí kò pa rẹ́, àbí gbogbo ohun tó wù ọ́? Mo gbọ́ pé o máa ń ṣe ìwé lóge kí o tó kà á fún àgbà. Ọmọ tèmi tó wà ní Ìbàdàn sọ fún mi nígbà tó wálé pé òun kò kí mi nínú ìwé kankan rí."

Olóbì, tó ti sùn síbẹ̀ mọ́jú, bú sẹ́rìn-ín, ó sáré fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kí wọ́n má bínú, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí mo fò, èébú ni, kò yẹ létí wọn. Wọ́n ní kí n kà á. Mo ní ìyá, èébú gbogbo wa ni, ó kan bàbá yín tó ti kú. Wọ́n ní kí n kà á.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó là ẹnu, nítorí n kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àgbà rí láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé gègé. Mo mú síléètì, mo ka ìlà náà bó ṣe wà: "Ó ní òun ni ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí òye òmùgọ̀ àwọn kèfèrí yìí." Lẹ́yìn rẹ̀, ihò ni títí dé òpin ìlà, nítorí lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni wọ́n fi tẹ ibẹ̀, irú ìyẹn ló sì tètè máa ń jẹ.

Ọmọ Sàró ń wo ilẹ̀. Baálé sọ pé kí ni àwọn ṣe fún òyìnbó náà tó fi bú àwọn tó bẹ́ẹ̀, ọmọ sọ pé òun jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan, ìyẹn náà di òmùgọ̀?

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu baálé yìí ló kọlù mí. Mo dìde lórí ilẹ̀. Mo ní ẹ tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo yíjú sí ọmọ Sàró, mo ní, "Ọkọ tíkẹ́ẹ̀tì, bí ọmọ náà bá ní òun ni ẹ̀gbọ́n nítorí pé òun ló kọ́kọ́ jáde, kí ni òyìnbó á sọ?"

Ó ní, "Kò ní sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn."

"Ṣé á bú u?"

Ojú ọmọ náà là. Ó ní, "Kò lè bú u. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbà ni."

"Kí ló wá dé tó fi bú u?"

Ìyá ti lóye kí n tó parí. Wọ́n na ọwọ́ sókè sí mi pé kí n dákẹ́, wọ́n fẹ́ fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Wọ́n ní, "Ó sọ fún òyìnbó pé òun ló gbẹ̀yìn, òun sì ni àgbà. Ó ya òyìnbó lẹ́nu. Ó sọ fún un pé òun rán mi ṣáájú." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú wọn. "Ẹ wo bí wọ́n ti bú ẹ̀gbọ́n mi nítorí mi. Kò yí ọ̀rọ̀ padà. Pẹ̀lú gbogbo ìyà yẹn, kò jẹ́ kí òyìnbó gba ipò àgbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Èmi ló rí i, ẹ má gbàgbé. Ọmọ Sàró náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, láti ọjọ́ yẹn kò tún pè mí ní akọ̀wé abẹ́ ọdán níwájú ènìyàn. Lẹ́yìn mi, mi ò mọ̀.

Baálé gbà, ṣùgbọ́n olóye ni, ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó wà láàyè nígbà tí wọ́n tẹ ìwé yìí, ṣé ó wà láàyè di òní? Ó ti pẹ́."

Ìyá dáhùn pé òun kò mọ̀. "Ẹnì kan ti rí i ní ààyè, ẹnikẹ́ni kò tíì rí òkú rẹ̀. Bí mo bá gbẹ́ igi fún un báyìí, mo ti pa á fúnra mi. Ìwé ló fi wá wa. Ọjọ́ tó fi wá wa, kò sẹ́nì kan nílé yìí tó mọ̀wé. Ṣé wọn kì í fi ìwé dáhùn ìwé ni?"

Báyìí ni a ṣe jókòó, èmi, ọmọ Sàró àti ìyá, tí a ń kọ èsì tí olóbì máa gbé lọ fún ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Èkó. Èdè òyìnbó la fẹ́ fi kọ ọ́, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ìyá ń sọ, èmi ń tú u, ọmọ Sàró ń wo ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ mi kó má baà kọsẹ̀. A kọ ọ́ pé kí ọmọkùnrin ahunṣọ tí wọ́n jí gbé ní apá Lálúpọn nígbà ogun, tó dé ọgbà ìjọ tí wọ́n sì rì í bọmi, kó mọ̀ pé ìkejì rẹ̀ wà láàyè nínú ilé bàbá wọn. Mo kọ orúkọ ìlú náà lọ́nà méjèèjì, ti ìsinsìnyí àti ti ìgbà náà, kí ojú rẹ̀ lè bá èyí tó bá mọ̀ pàdé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo fẹ́ fi àmì ìparí sí i.

Ìyá ní, "O ò tíì kọ èébú wa."

Mo ní ìyá, èébú kẹ̀? Nínú ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ fún aráyé?

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èmi ni? Ahunṣọ pọ̀, ìbejì pọ̀. Ẹni tí wọ́n bú yẹn, òun nìkan ló mọ ohun tí wọ́n bú u fún. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo wo ọmọ Sàró, ó wo ibòmíràn. Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kọ láti abẹ́ ọdán yẹn, mi ò fi èébú kan sílẹ̀ kó jáde kúrò lábẹ́ ọwọ́ mi rí. Mo ti inú tàdáwà mú gègé jáde, mo sì kọ ọ́ ketekete, láìfo kankan: pé ìkejì rẹ̀ yìí ni àbúrò, gẹ́gẹ́ bí òye òmùgọ̀ àwọn kèfèrí, nítorí òun ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ìyá ní ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé iṣẹ́ tó rán òun, òun ti jẹ́ ẹ. Òun ti tọ́ ayé wò, iyọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀. Kó máa bọ̀.

Ìwé ìròyìn náà tẹ̀ ẹ́, olóbì mú ẹ̀dà kan wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ ìyá fà sẹ́yìn, wọ́n tún ń dé odò. Mi ò sọ pé èmi ni mo wò ó, bí àwọn kan bá ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà. Ìtì igi tí agbẹ́gilére gé wá wà ní ẹ̀yìnkùlé títí, baálé fi í ṣe ìlẹ̀kùn tuntun fún yàrá tí wọ́n ń gbá. Ní gbogbo ìgbà tí rélùwéè bá ti Èkó dé, ìyá a máa rán ẹnì kan wá sábẹ́ ọdán láti béèrè bóyá ìwé dé. Tí ìwé kankan bá sì wá, tiwọn ni o tàbí ti ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń fi kún un: kí akọ̀wé má fo nǹkan kan o.